Nọ́ńbà Márùn-ún Lára Páálí

Kò sí ẹni tó ṣiṣẹ́ omi láti Ìlobù dé Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun láyé ìgbà náà tí kò mọ ọ̀gá Ọládiípọ̀. Bí ẹnìkan bá sọ fún yín pé òun ò mọ̀ ọ́n, ẹ bi í bóyá omi òjò ló fi dàgbà. Ará Ìfọ́n ni, iṣẹ́ kànga ẹ̀rọ ni iṣẹ́ rẹ̀ ní ọ́fíìsì omi ìjọba ìbílẹ̀, àwọn èèyàn sì ti fún un lórúkọ: Bàbá Nọ́ńbà. Kò jẹ́ mú ìwé dání lọ sí ìpàdé kankan. Á dìde, á ká ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, á bẹ̀rẹ̀ sí í ka bí kànga kọ̀ọ̀kan ṣe jìn tó, ibi tí omi rẹ̀ dúró sí, àti iye tó ń sun, bí ìgbà tí ìyá bá ń dárúkọ àwọn ọmọ rẹ̀. Ó máa ń sọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ pé ẹni tó bá mọ kànga rẹ̀ kì í wo ìwé.

Ó sọ ọ́ fún Fikáyọ̀ náà, ó tó ìgbà ọgọ́rùn-ún. Ọmọ Ìlobù ni Fikáyọ̀, ọmọ tíṣà, ó ti pé ọdún mẹ́fà lábẹ́ ọ̀gá yìí, kò sì sí ohun tó mọ̀ nínú iṣẹ́ náà tí kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀ ló ti kọ́ ọ. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé òun ló kọ́kọ́ rí i. Ní ọdún 1996 yẹn, lẹ́yìn Kérésì, ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè fáìlì tó wà lọ́wọ́ ara rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó pe Fikáyọ̀ ní Fọlá, ọmọbìnrin kan tó ti kúrò ní ọ́fíìsì láti ọdún mẹ́rin. Lọ́jọ́ mìíràn wọ́n jọ ń lọ sí Ìlobù, ọ̀gá ló wa ọkọ̀, ó sì wà wọ́n dé Ẹ̀rìn kó tó dúró, tó di ọwọ́ ìdarí ọkọ̀ mú. Fikáyọ̀ ní ó rẹ̀ wọ́n ni. Kí lèèyàn tún fẹ́ sọ fún ẹni tó ju bàbá ẹni lọ? Ó ní ó rẹ̀ wọ́n ni, wọ́n sì ṣẹ́rí padà.

Kànga tí ọ̀rọ̀ wà lórí rẹ̀ yìí, ẹ̀yìn ọjà Ìlobù ni wọ́n gbẹ́ ẹ sí. Àwọn obìnrin àdúgbò náà ti rin ìrìn odò títí tí ẹsẹ̀ wọn fi fẹ́ẹ̀ bọ́. Ẹgbẹ́ aláàánú kan láti Ìbàdàn ló sọ pé àwọn á ra pọ́ọ̀ǹpù oníná tí wọ́n ń rì sínú kànga, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni. Bí ẹ bá rà á tó bàjẹ́, ẹ fọwọ́ lẹ́rán. Ọ̀gá àti Fikáyọ̀ ti dán kànga náà wò: wọ́n fa omi rẹ̀ fún odindi wákàtí mẹ́rìnlélógún láìdúró, wọ́n ń fi okùn wọn ibi tí omi rẹ̀ ń wálẹ̀ dé, títí tó fi dúró sójú kan. Ohun tó kù ni kí ọ̀gá wá ṣàlàyé èsì rẹ̀ níwájú ará ìlú àti obìnrin ẹnjiníà kan tí ẹgbẹ́ náà ń rán bọ̀, Stella lorúkọ rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti máa buwọ́ lu ìwé pọ́ọ̀ǹpù, tó máa padà sí Ìbàdàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀gá pe Fikáyọ̀ wọlé, ó ní kó ti ilẹ̀kùn. Ó jókòó, ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un nù.

"Fikáyọ̀," ó ní, "àwọn nọ́ńbà yẹn ń bọ́ lórí mi. Mo kà wọ́n láàárọ̀, tó bá di ọ̀sán, mi ò rí wọn mọ́. Ti ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn wà níbẹ̀ digbí. Tàná ni mi ò rí."

Omi lé ròrò sí Fikáyọ̀ lójú, ó sì dojú kọ ògiri kí bàbá má baà rí i. Ó dábàá pé kí ẹlòmíràn sọ ọ́, ọ̀gá kọ̀. Ọdún tó ń bọ̀ ló máa fẹ̀yìn tì, ó ní ìpàdé ìkẹyìn tí òun máa ṣe ní Ìlobù nìyí, òun ò fẹ́ kí wọ́n fi àánú rántí òun. Ó bẹ Fikáyọ̀ pé kó bá òun kọ ọ́ sílẹ̀ níbi tí kò sẹ́ni tó máa rí i. Pé àgbàlagbà yìí ló ń bẹ ọmọdé, ìyẹn ló dun Fikáyọ̀ jù. Ó ní òun á ṣe é.

Iṣẹ́ náà ò tó ohun tí èèyàn ń fọ́nnu lé lórí, ṣùgbọ́n ó gba làákàyè. Lára ike tín-ín-rín, èyí tí ìmọ́lẹ̀ ń là kọjá, ni wọ́n máa ń ya àwòrán sí nígbà náà. Wọ́n á gbé e lé orí ẹ̀rọ projẹ́ktọ̀, ẹ̀rọ á sì tan án sára ògiri, òun là ń pè ní síláìdì. Fikáyọ̀ ya kànga náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò kọ nọ́ńbà kankan sí i. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọ pé bí èèyàn bá da nọ́ńbà bo síláìdì, àwọn èèyàn á máa kàwé, wọn ò ní gbọ́rọ̀. Lẹ́yìn náà ló lẹ ike ọ̀hún mọ́ férémù páálí funfun. Ẹtí páálí yẹn ló kọ ọ̀rọ̀ ọ̀gá sí. Ìmọ́lẹ̀ kì í la páálí kọjá. Dúdú nìkan ni ẹni tó jókòó máa rí lára ògiri, ṣùgbọ́n ẹni tó dúró ti ẹ̀rọ máa rí gbogbo ohun tó wà lára páálí kedere, wọ́n á sì rò pé àwòrán ló ń wò.

Àmọ́ ohun tó kọ́kọ́ kọ ò dáa. Ó kọ gbólóhùn gígùn gígùn, bí ẹni ń kọ lẹ́tà. Ọ̀gá gbìyànjú rẹ̀ ní ọ́fíìsì, ojú rẹ̀ sọnù sáàárín ọ̀rọ̀, ó ń wá ibi tó dúró sí, ó sì dákẹ́. Fikáyọ̀ ya férémù yẹn dànù, ó gbé páálí mìíràn. Lọ́tẹ̀ yìí, nọ́ńbà márùn-ún péré ló kọ, ó fi máákà kọ ọ́ gàdàgbà, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ọ̀gangan ibi tó bá a mu nínú àwòrán, kí ojú má baà rìnrìn àjò. Lókè, níbi tí omi wà kí wọ́n tó fà á: 6 mítà. Nísàlẹ̀ ìyẹn, ibi tó wálẹ̀ dé nígbà tí wọ́n ń fà á: 27 mítà. Ibi tí pọ́ọ̀ǹpù máa so rọ̀ sí: 36 mítà. Ìdí kànga: 45 mítà. Èyí tó ṣe pàtàkì jù lọ, iye omi tó ń sun, ó fi máákà pupa kọ ọ́ sí apá ọ̀tún, ó sì fa ilà yí i ká: 0.9 lítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ọ̀gá wò ó. Ó gbé ìka rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ láìkọsẹ̀. Ó tún sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí Fikáyọ̀ ti ń retí láti ọjọ́ yìí wá, ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, o ti gbà mí lọ́wọ́ ẹ̀sín." Fikáyọ̀ ní kóun tún kọ ọ́ sínú káàdì pélébé kan tí wọ́n á fi sápò, bí nǹkan kan bá ṣẹlẹ̀. Ọ̀gá ní rárá, káàdì máa ń já bọ́, àwọn èèyàn sì máa ń rí i. Fikáyọ̀ ò tún ọ̀rọ̀ sọ. Ibẹ̀ ló ti ṣàṣìṣe, ó sì mọ̀ ọ́n títí dòní. Ọmọ Nàìjíríà tó fi ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀gá rẹ̀ dúró lé ẹ̀rọ oníná nìkan, ṣé ó rò pé NEPA ti ṣàdéhùn pẹ̀lú òun ni?

Ọjọ́bọ̀ ni ìpàdé bọ́ sí. Gbọ̀ngàn Ìlobù kún. Alága ìgbìmọ̀ omi ìlú, Alhaji Gàfárù, jókòó síwájú, ẹni tí kò lè dákẹ́ kó má ṣe àwàdà bí wọ́n tilẹ̀ ń sìnkú. Stella jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó gbé ìwé àti bírò sórí itan, ó ń kọ ohun gbogbo tí wọ́n bá sọ, títí kan ìkíni. Wọ́n ti fi aṣọ bo fèrèsé kí àwòrán lè hàn. Fikáyọ̀ tan ẹ̀rọ, ó gbé síláìdì lé e, kànga náà sì yọ gàgàrà lára ògiri. Àwọn obìnrin tó wà lẹ́yìn kí wọn pé wọ́n kú iṣẹ́.

Ọ̀gá dìde, ó dúró ti ẹ̀rọ, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn. Ó kí àwọn ìjòyè, ó kí àwọn ìyálọ́jà, ó kí àlejò. Ó wolẹ̀ fẹ́ẹ́, ó ní kí wọ́n tó fọwọ́ kan kànga yìí, mítà mẹ́fà ni omi rẹ̀ wà sísàlẹ̀. Ó tún wolẹ̀. Ó ní nígbà tí wọ́n fà á tọ̀sán tòru, ó wálẹ̀ dé mítà mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, ó sì dúró. Ohùn rẹ̀ já gaara. Fikáyọ̀ mí kanlẹ̀, ọkàn rẹ̀ balẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọ̀sẹ̀ náà.

Ni iná bá lọ.

Ògiri di òfìfo. Ẹ̀rọ ṣe wòò díẹ̀, ó dákẹ́. Wọ́n ká aṣọ fèrèsé, ojú ọjọ́ wọlé, gbogbo èèyàn sì ń sọ ohun tí wọ́n máa ń sọ nípa NEPA. Páálí yẹn ṣì wà lórí ẹ̀rọ níbi tó wà. Ohun tó kù tí ọ̀gá máa ṣe ò ju kó tẹ̀ síwájú, kó máa wò ó. Ṣùgbọ́n kò sí àwòrán lára ògiri mọ́. Bó bá wolẹ̀, wọ́n á mọ̀ pé ìwé ló ń kà. Ibi tó ń rò ó dé nìyẹn nígbà tí Alhaji Gàfárù bú sẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n má da ara wọn láàmú, iná NEPA lè kú, iná orí Bàbá Nọ́ńbà kì í kú. Ó ní kí Bàbá kúrò nídìí ẹ̀rọ náà, kó bọ́ sójú agbo, kó sọ ọ́ bó ṣe máa ń sọ ọ́. Gbogbo gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́.

Alhaji ò mọ nǹkan kan o. Ìfẹ́ ló fi sọ ọ́. Ọ̀gá wo páálí náà lẹ́ẹ̀kan, ó sì rìn kúrò nídìí rẹ̀.

Ó bọ́ sójú agbo, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn. Ó ní kànga náà jìn tó ọgọ́ta mítà. Ó ní omi tó ń sun níbẹ̀ ju lítà méjì lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, pé ó lè tó ìlú méjì mu. Ohùn rẹ̀ ò gbọ̀n. Ó ń ka nọ́ńbà náà pẹ̀lú ayọ̀ ẹni tó rí ohun tó sọnù. Fikáyọ̀ mọ àwọn nọ́ńbà yẹn. Kànga Ẹ̀rìn ni, èyí tí ọ̀gá gbẹ́ ní ọdún 1984, kí Fikáyọ̀ tó parí ilé-ìwé girama. Òun lorí rẹ̀ rí gbé kalẹ̀. Stella ń kọ ọ́. Àwọn obìnrin ń yọ̀, ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ ti ń jó.

Ẹ wo ibi tí ọ̀rọ̀ dé. Bí wọ́n bá ra pọ́ọ̀ǹpù tó ń fa lítà méjì sínú kànga tí ò sun tó lítà kan, omi á sá kọjá pọ́ọ̀ǹpù, pọ́ọ̀ǹpù á máa fa afẹ́fẹ́, kò ní pẹ́ tó máa jó. Ó parí nìyẹn, odò ni wọ́n ń padà sí. Ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n bí ire, ta ló máa dìde láwùjọ pé ọ̀gá òun purọ́? Fikáyọ̀ rò ó pé kóun dúró dẹ̀yìn ìpàdé. Ó rí i tí Stella ń ṣí ìwé tí wọ́n máa buwọ́ lù, tó ń kọ nọ́ńbà náà sínú rẹ̀. Ó wo ẹ̀yìn ọ̀gá rẹ̀, ẹ̀wù dáńṣíkí tí ìyàwó rẹ̀ fi sítáàṣì lọ̀ tó le gbàgìdì. Ó jáde síwájú, ó kúnlẹ̀ lórí eékún méjèèjì.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ dárí jì mí," ó ní. "Èmi ni mo kọ nọ́ńbà kànga mìíràn fún yín. Ọwọ́ mi ló ṣì í. Márùndínláàádọ́ta ni ìdí kànga yìí, kò sì sun tó lítà kan. 0.9 ni."

Alhaji bẹ̀rẹ̀ sí í bá a wí pé irú iṣẹ́ ọwọ́ òsì wo nìyẹn. Irọ́ náà dáa, ẹ̀yin tí ẹ̀ ń gbọ́ mi, irọ́ tó lè gbé ọ̀gá padà sílé pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ ni. Ọ̀gá dúró. Ó wo Fikáyọ̀ lórí ìkúnlẹ̀ yẹn pẹ́, bí ẹni tó ń wá nǹkan lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó rọra rìn padà sídìí ẹ̀rọ, ó gbé síláìdì náà tòun ti férémù rẹ̀, ó sì gbé e sókè kí gbogbo èèyàn lè rí i. Nọ́ńbà gàdàgbà márùn-ún. Èyí tó pupa ni gbogbo wọn ń wò.

"Ó kọ ọ́ re," ọ̀gá ní. "Kò ṣì í kọ. Èmi ni mo gbàgbé. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbàgbé."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Stella fi bírò fa igi lé ohun tó kọ, ó kọ òmíràn. Alhaji Gàfárù bọ́ fìlà rẹ̀, ó wo inú rẹ̀, kò rí àwàdà kankan níbẹ̀.

Wọ́n ra pọ́ọ̀ǹpù kékeré. Ó ṣiṣẹ́. Bí iná bá wà fún wákàtí mẹ́wàá, omi tó ń jáde lẹ́yìn ọjà Ìlobù ju ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n lítà lọ lójúmọ́. Àwọn obìnrin ń pọn ọ́n, wọ́n sì ń gbàdúrà fún Fikáyọ̀. Àdúrà náà ò dùn mọ́ ọn. Kí oṣù méjì tó pé, wọ́n ti ní kí ọ̀gá máa lọ sinmi nílé. Àwọn kan ní ọ́fíìsì ń sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé ọmọ tí bàbá kọ́ níṣẹ́ ló tú àṣírí rẹ̀ láwùjọ, pé ó ń fojú sí àga rẹ̀ ni. Fikáyọ̀ fúnra rẹ̀ máa ń rò ó bó bá ń pọn omi: ká ní mo kọ káàdì yẹn. Ká ní mo kọ ọ́, kí n kàn tì í bọ̀ wọ́n lápò.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí Ìfọ́n ní gbogbo Sátidé. Ìyàwó ọ̀gá, Dọlápọ̀sí, tí wọ́n ń pè ní Màmá, ò ṣílẹ̀kùn fún un ní ẹ̀ẹ̀mejì àkọ́kọ́. Lẹ́ẹ̀kẹta ó ṣí i, ó dá ìkúnlẹ̀ rẹ̀ lóhùn pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ó sì fi í sílẹ̀ ní pálọ̀. Ọ̀gá máa ń jókòó lórí àga kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Á ní, "Fikáyọ̀, o káàbọ̀. Bàbá rẹ ńkọ́, tíṣà wa?" Fikáyọ̀ á dáhùn. Wọ́n á jọ sọ̀rọ̀ kànga Ẹ̀rìn, á sì padà sílé pẹ̀lú ìtùnú pé ó kéré tán, ọ̀gá ò tíì gbàgbé òun. Ọ̀rọ̀ ìpàdé yẹn kò tíì jáde lẹ́nu wọn rí. Kò mọ̀ bóyá wọ́n ń bínú, kò sì ní ẹnu tó máa fi béèrè.

Lọ́sàn-án Sátidé kan nínú oṣù kọkànlá, ó tètè dé ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Màmá wà lẹ́yìnkùlé, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, ó sì kan ilẹ̀kùn jẹ́ẹ́jẹ́ kó tó wọlé. Ọ̀gá gbójú sókè. Ojú tó gbé sókè yẹn, Fikáyọ̀ ò rí irú rẹ̀ rí lọ́dọ̀ wọn: ojú ẹni tó rí àlejò tí kò mọ̀ rí, tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ kí àlejò má baà ṣàkíyèsí. Lẹ́yìn náà, wọ́n wo itan wọn fẹ́ẹ́.

"Fikáyọ̀," wọ́n ní, ohùn wọn já gaara. "O káàbọ̀. Bàbá rẹ ńkọ́, tíṣà wa?"

Ó kúnlẹ̀ láti kí wọn, ibi tó kúnlẹ̀ sí ló ti rí i. Férémù páálí yẹn ni, ó wà lórí itan wọn láìní ike nínú mọ́. Ẹ̀gbẹ́ tí nọ́ńbà márùn-ún ọjọ́sí wà ló wà nísàlẹ̀, torí ọ̀gá ti yí i padà, wọ́n ti fi ọwọ́ ara wọn kọ nǹkan sẹ́yìn rẹ̀, gàdàgbà, láìsí gbólóhùn gígùn, gẹ́gẹ́ bó ṣe kọ́ wọn. Dọlápọ̀sí: ìyàwó. Peter: ọmọ, Kàdúná. Àwọn orúkọ méjì mìíràn wà nísàlẹ̀ ìyẹn. Apá ọ̀tún ni tirẹ̀ wà, wọ́n fi máákà pupa kọ ọ́, wọ́n sì fa ilà yí i ká.

Fikáyọ̀. Sátidé. Ọmọ tíṣà, Ìlobù. Kò jẹ̀bi.

Ó pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Bó bá sunkún, wọ́n á béèrè ohun tó dé, wọn ò sì ní rí i kà lára páálí. Ó bojú wo fèrèsé bí ẹni tí kò rí nǹkan kan, títí ọ̀gá fi rọra dojú páálí náà délẹ̀ lórí itan wọn.

"Bàbá mi wà dáadáa, sà," ó ní. "Wọ́n ní kí n kí yín."

Ó dìde, ó fa àga sún mọ́ wọn, ó sì ní kí wọ́n sọ ti kànga Ẹ̀rìn fún òun.